Ilé-Ẹjọ́ tàbí Onílàjà: Ibi Tí Ìjà Òwò Òkè-Òkun Yẹ Kó Ti Parí

Nínú ìwé àdéhùn òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjì, abala tó ń sọ ibi tí wọn yóò ti parí ìjà sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn iye owó, ìwọ̀n ọjà àti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Àwọn méjèèjì lè fẹnu kò pé ilé-ẹjọ́ ìlú kan pàtó ni yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn, tàbí kí wọ́n sọ pé onílàjà ni yóò dá a. Onílàjà tí òfin òwò ń sọ yìí kì í ṣe àgbà ilé tó ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Adájọ́ àdáni ni. Àwọn tó ń jà ló yàn án, àwọn ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ tẹnu tọ̀tún-tòsì, ìdájọ́ tó bá sì kọ sílẹ̀ de àwọn méjèèjì, yálà ó tẹ́ wọn lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé onílàjà yá ju kóòtù lọ, pé ẹjọ́ níwájú rẹ̀ kì í di ohun tí ayé ń gbọ́, pé òye ọjà yé e ju adájọ́ lọ. Àwọn mìíràn á ní kóòtù ló dára jù nítorí pé ìjọba ló ń san owó oṣù adájọ́. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú òwò òkè-òkun. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí dúkìá ẹni tó lè jẹ ẹ́ ní gbèsè wà, àti irú ìwé ìdájọ́ tí wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. Ẹni tó bá jàre tí kò rí owó rẹ̀ gbà kò tíì jèrè ẹjọ́ kankan.

Ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣáájú ni pé agbára adájọ́ kì í kọjá ẹnubodè. Adájọ́ Èkó lè pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó tó wà ní báńkì kan ní Bródì, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù yóò sì lọ ṣe é. Kò lè pàṣẹ fún báńkì tó wà ní Ámúsítádáàmù. Ìwé ìdájọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀nà kóòtù ibẹ̀ wọlé, òfin ibẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá wọn yóò gbà á. Bó ṣe rí fún ìdájọ́ Ámúsítádáàmù tó bá ń bọ̀ wá sí Èkó náà nìyẹn.

Ìdájọ́ onílàjà ní àǹfààní kan níbi yìí tí ìdájọ́ kóòtù kò ní. Ní oṣù kẹfà ọdún 1958, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní Niu Yọ́ọ̀kì pé kóòtù àwọn yóò máa fi ìdájọ́ onílàjà tí wọ́n dá nílẹ̀ òkèèrè múlẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú àdéhùn náà báyìí lé ní 170. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 1970, Bẹ̀nẹ̀ ní 1974, Bìrìtéènì ní 1975, Ṣáínà ní 1987. Nẹ́dálándì ti wà níbẹ̀ láti 1964. Fún ìdájọ́ kóòtù, kò sí àdéhùn kankan tó gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Méjì wà tí wọ́n ṣe ní ìlú Háàgì, ọ̀kan ní 2005, èkejì ní 2019, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú wọn kò pọ̀ tó ti Niu Yọ́ọ̀kì rárá, Nàìjíríà kò sì sí nínú ìkankan.

Àdéhùn Niu Yọ́ọ̀kì kò sọ pé kí kóòtù gba ohunkóhun tí onílàjà bá kọ. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lè bẹ kóòtù kó kọ ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n àwáwí tí wọ́n gbà láyè kéré. Ó lè ní àdéhùn tó gbé onílàjà kalẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin, pé wọn kò fún òun ní ìwé ìpè tàbí àyè láti sọ tẹnu òun, pé onílàjà dá ẹjọ́ lórí ohun tí wọn kò gbé síwájú rẹ̀, pé wọn kò yan onílàjà bí àdéhùn ṣe là á sílẹ̀, tàbí pé kóòtù ibi tí ìdájọ́ ti wáyé ti fagi lé e. Kóòtù fúnra rẹ̀ lè kọ̀ bí òfin ilẹ̀ náà kò bá jẹ́ kí onílàjà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí bí ìdájọ́ náà bá ta ko ìlànà tí ìlú dúró lé. Ohun tí kò sí nínú wọn ni pé onílàjà ṣi òfin tú, tàbí pé ó gba ẹ̀rí tí kò yẹ kó gbà gbọ́. Ìyẹn ni pé wọn kì í tún ẹjọ́ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, kí a mú oníṣòwò kòkó kan ní Àkúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ta ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ámúsítádáàmù, tọ́ọ̀nù kan ní dọ́là 5,000, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 500,000. Olùrà san 400,000 nígbà tí ìwé ẹrù ọkọ̀ dé báńkì rẹ̀. Wọ́n fi 100,000 tó kù sí ìgbà tí ọjà bá gúnlẹ̀ tí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n ṣí kọntéínà, olùrà ní kòkó náà ti bu, pé omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti ju ìdá mẹ́jọ tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n lọ. Oníṣòwò Àkúrẹ́ ní ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Àpápá kí ọkọ̀ tó gbéra, tó fi hàn pé ìdá méje àti ààbọ̀ ni. Olùrà kọ̀ jálẹ̀, ó di 100,000 dọ́là náà mú.

Bí àdéhùn wọn bá sọ pé ilé-ẹjọ́ Èkó ni yóò gbọ́ ẹjọ́, oníṣòwò náà yóò pẹjọ́ nílé, pẹ̀lú agbẹjọ́rò tó mọ̀ àti ní owó náírà. Ó lè jàre. Ṣùgbọ́n olùrà kò ní dúkìá kankan ní Nàìjíríà, nítorí náà ìdájọ́ yẹn gbọ́dọ̀ dé Nẹ́dálándì. Òfin Nẹ́dálándì sọ pé ìdájọ́ kóòtù ilẹ̀ òkèèrè kò ní agbára níbẹ̀ bí kò bá sí àdéhùn tó so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, kò sì sí irú rẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Nẹ́dálándì. Oníṣòwò náà gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ tuntun. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nẹ́dálándì jẹ́ kí ọ̀nà yìí rọrùn díẹ̀: bí kóòtù òkèèrè náà bá ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ lójú ìlànà tí ayé gbà, bí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ bá tọ́, bí ìdájọ́ náà kò bá ta ko ìlànà ìlú wọn, tí kò sì forí gbárí pẹ̀lú ìdájọ́ mìíràn, adájọ́ ibẹ̀ lè gbà á láìtún ọ̀rọ̀ kòkó tó bu yẹ̀ wò. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Síbẹ̀, ẹjọ́ kejì ni, pẹ̀lú agbẹjọ́rò kejì tó ń gba owó yúrò, lẹ́yìn ọdún tí ti àkọ́kọ́ ti gbà.

Bó bá jẹ́ onílàjà ni wọ́n kọ sínú àdéhùn, ohun tí oníṣòwò náà yóò gbé lọ bá kóòtù Nẹ́dálándì kò ju méjì lọ: ìwé ìdájọ́ onílàjà, àti ìwé àdéhùn tí wọ́n ti gbà pé onílàjà ni yóò dá ẹjọ́ wọn. Ojúlówó ìwé ni, tàbí ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí, pẹ̀lú ìtumọ̀ bí èdè bá yàtọ̀. Olùrà kò ní lè sọ̀rọ̀ nípa omi inú kòkó mọ́. Àwáwí tó kù fún un kò ju àwọn tí Àdéhùn Niu Yọ́ọ̀kì kà sílẹ̀ lọ. Èyí náà ló mú kí títọ́jú ìwé ṣe pàtàkì. Oníṣòwò tó bá fi ẹnu nìkan dúnàádúrà, tí kò ní ju ìwé owó ọjà lọ́wọ́, lè dé kóòtù tán kí ó má rí ìwé tó fi hàn pé olùrà gbà fún onílàjà. Òfin tuntun Nàìjíríà ti gbà pé ímeèlì tó.

Ọ̀nà kẹta wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa kì í fẹ́ gbọ́ rárá, ìyẹn ni láti gbà pé ilé-ẹjọ́ Ámúsítádáàmù ni yóò dá a. Wọ́n rò pé ilé ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí wọ́n bá dá níbẹ̀ kò ní ẹnubodè kankan láti kọjá kó tó dé báńkì olùrà, kóòtù sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 tó ń gbọ́ ẹjọ́ òwò òkè-òkun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn méjèèjì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ ẹ. Fún ẹni tó ń retí owó láti Ámúsítádáàmù, ó sàn ju Èkó lọ. Èrò pé kí olúkúlùkù pẹjọ́ nílé ara rẹ̀ ti ba ẹjọ́ tó dára jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìṣòro ọ̀nà kẹta yìí wà lọ́dọ̀ olùrà. Òun náà lè di ẹni tó ń béèrè owó. Ká ní oníṣòwò Àkúrẹ́ gba owó ìdókòwò, kò sì kó kòkó ránṣẹ́, olùrà yóò ní ìdájọ́ Nẹ́dálándì lọ́wọ́, dúkìá yóò sì wà ní Oǹdó. Òfin Nàìjíríà tó ń jẹ́ kí wọ́n forúkọ ìdájọ́ òkèèrè sílẹ̀ kò kan Nẹ́dálándì. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí àdéhùn, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò jẹ gbèsè lọ́la, àwọn méjèèjì sì ń wá ìwé tó lè ṣiṣẹ́ ní ìlú méjèèjì. Onílàjà ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ dájú pé òun ni yóò máa retí owó lè fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n. Ẹni tí yóò san owó kẹ́yìn ló sábà máa ń di olùjẹ́jọ́.

Nínú òwò kòkó, wọ́n ti máa ń dá ọ̀rọ̀ yìí yàn kó tó dé ọwọ́ olùtajà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kòkó tí wọ́n ń pè ní FCC, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìlànà tí ọ̀pọ̀ àdéhùn kòkó ń tọ́ka sí nínú ìlà kan péré. Ìlà yẹn ti gbé onílàjà àti òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀ mọ òwò kòkó, wọ́n sì mọ ohun tí bíbu àti omi inú kòkó ń ṣe sí iye owó. Ohun tó ń kó bá olùtajà ni pé irú ìlànà ẹgbẹ́ òwò báyìí máa ń fún ẹ̀sùn ní àkókò kúkúrú. Ẹni tó bá ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bá olùrà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìkọ ìwé ẹ̀sùn lè rí i pé ọjọ́ ti kọjá lórí òun.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí olùrà bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù dípò Ámúsítádáàmù. Òfin kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1920 ṣì ń jẹ́ kí wọ́n forúkọ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Nàìjíríà sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, kó sì ní agbára bí ìdájọ́ tiwọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 1922 ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdájọ́ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Láàárín àwọn ìlú méjì yìí, ilé-ẹjọ́ kì í ṣe yíyàn tó burú. Ohun méjì péré ló yẹ kí ojú oníṣòwò wà lára wọn. Àkọ́kọ́, kóòtù Lọ́ńdọ̀nù kì í forúkọ ìdájọ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí kò gbé tàbí ṣòwò ní Nàìjíríà bí kò bá yọjú sí ẹjọ́ náà, àfi bó bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kóòtù Nàìjíríà ni yóò gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí abala inú àdéhùn fi ṣe kókó. Èkejì, wọn kì í forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bá ṣì wà nílẹ̀, ẹjọ́ Nàìjíríà tó bá sì gun òkè dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lè kọjá ọdún mẹ́wàá. Oṣù méjìlá yẹn pàápàá kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ìwé báńkì kan láti ilẹ̀ Ọ́sítíríà nù nítorí pé ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù tó mú wá ti kọjá àkókò náà.

Ẹni tó bá yan onílàjà kò tíì yan gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbọ́dọ̀ sọ ibùjókòó ẹjọ́, ìyẹn ìlú tí òfin rẹ̀ yóò máa ṣọ́ ẹjọ́ náà tí kóòtù rẹ̀ nìkan sì lè fagi lé ìdájọ́. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti máa jókòó sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n lè fi fídíò gbọ́ ẹ̀rí láti Àkúrẹ́ kí ibùjókòó ṣì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹjọ́ Nàìjíríà méjì ló fi bí èyí ṣe tóbi tó hàn.

Nínú ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ IPCO ṣe iṣẹ́ ibùdó epo fún NNPC, ìjà sì dé lórí owó. Onílàjà ni àdéhùn wọn sọ, Èkó sì ni ibùjókòó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, àwọn onílàjà ní kí NNPC san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 152 dọ́là. Kí ọdún tó parí, NNPC ti lọ bá ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pé kó fagi lé e. IPCO gbé ìdájọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kóòtù ibẹ̀ ń dúró de ohun tí kóòtù ibùjókòó yóò sọ. Nígbà tó yá, ẹ̀sùn jìbìtì tún wọ̀ ọ́. Ní 2017, ọdún kẹtàlá, wọ́n ṣì wà níwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtéènì lórí ẹjọ́ yìí kan náà. Ẹni tó bá sọ pé onílàjà yá ju kóòtù lọ gbọ́dọ̀ rántí pé onílàjà tó jókòó sí ìlú tí kóòtù rẹ̀ fà kì í yá.

Nínú èkejì, àdéhùn gáàsì tí ìjọba Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ P&ID ṣe ní 2010 sọ pé ìlànà inú òfin onílàjà Nàìjíríà ni wọn yóò lò, ṣùgbọ́n pé ibi tí ẹjọ́ yóò ti wáyé ni Lọ́ńdọ̀nù. Kò sọ ibùjókòó ní tààràtà. Nàìjíríà ní Nàìjíríà ni ibùjókòó, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì fagi lé ohun tí àwọn onílàjà kọ́kọ́ sọ. Àwọn onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù ni, adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù sì fara mọ́ ọn ní 2019. Ìdájọ́ 2017 náà jẹ́ bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èlé sì ń gorí rẹ̀ títí ó fi lé ní bílíọ̀nù mọ́kànlá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni adájọ́ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé jìbìtì ni wọ́n fi gbà á, wọ́n sì fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún àti owó agbẹjọ́rò ló lọ sórí ọ̀rọ̀ tí gbólóhùn kan tó ṣe tààrà ìbá ti yanjú: orúkọ ìlú tó jẹ́ ibùjókòó.

Kì í ṣe pé Èkó kò ṣeé yàn. Òfin onílàjà tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe. Láyé òfin tẹ́lẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 1997 pé ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ti máa ka àkókò tí òfin fún olùpẹjọ́, kódà bí ẹjọ́ níwájú onílàjà bá ti jẹ ọdún púpọ̀ nínú rẹ̀. Òfin tuntun ti yọ ọdún tí ẹjọ́ onílàjà gbà kúrò nínú kíkà náà. Ilé ìgbẹ́jọ́ onílàjà tó dáńgájíá sì wà ní Èkó, tí owó wọn kò le bíi ti òkèèrè. Fún òwò láàárín Èkó àti Kùtọnù, tàbí fún owó tí kò tó nǹkan, ó dára. Fún owó ńlá, ìmọ̀ràn tó bọ́gbọ́n mu ni kí ibùjókòó jẹ́ ìlú tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, bíi Lọ́ńdọ̀nù, Párísì tàbí Síńgápọ̀.

Owó ni ibi tí onílàjà ti máa ń dun oníṣòwò jù. Kóòtù kì í béèrè kí ẹni tó pẹjọ́ san owó oṣù adájọ́. Onílàjà ń béèrè tirẹ̀, ilé tó ń bójú tó ẹjọ́ náà sì ń béèrè tiwọn. Nínú ìlànà 2021 ti ilé ìgbẹ́jọ́ ICC ní Párísì, 5,000 dọ́là ni ẹni tó pẹjọ́ kọ́kọ́ máa san, kì í sì í padà. Ìlànà yẹn kan náà ní ọ̀nà kúkúrú fún ẹjọ́ tí kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ: onílàjà kan, àti ìdájọ́ láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n fi ṣètò ẹjọ́. Fún 100,000 dọ́là kòkó Àkúrẹ́, onílàjà mẹ́ta yóò jẹ ìdá ńlá nínú owó tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Ẹnì kan tó ń ka ìwé àti èsì àyẹ̀wò láìpe ẹlẹ́rìí jọ tó fún irú ìjà bẹ́ẹ̀, àdéhùn ló sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Ibì kan wà tí kóòtù ti borí onílàjà pátápátá. Bí dúkìá olùjẹ́jọ́ bá wà ní ìlú tí olùpẹjọ́ fẹ́ pẹjọ́, ẹnubodè kò sí mọ́, àǹfààní Niu Yọ́ọ̀kì sì ti lọ. Bí gbèsè bá sì hàn gbangba, tí olùjẹ́jọ́ kò ní ìgbèjà gidi, kóòtù Nàìjíríà ní ọ̀nà láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kíákíá láìpe ẹlẹ́rìí. Bákan náà, onílàjà kò ní àṣẹ lórí ẹni tí kò fọwọ́ sí àdéhùn. Ká ní omi wọ kòkó náà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ̀bi sì wà lára ọlọ́kọ̀, olùtajà àti olùrà kò lè wọ́ ọlọ́kọ̀ wá síwájú onílàjà tiwọn. Ìwé ẹrù ọkọ̀ ní abala ẹjọ́ tirẹ̀, òfin ẹjọ́ orí omi Nàìjíríà sì lè sọ abala tó bá gbé ẹjọ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè di asán. Kóòtù nìkan ló lè kó gbogbo wọn jọ sójú kan. Kóòtù náà ló yá jù bí olùjẹ́jọ́ bá ń kó owó rẹ̀ sá. Ẹni tó yan onílàjà kò pàdánù ìyẹn, nítorí òfin 2023 jẹ́ kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n dá dúkìá dúró nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ onílàjà.

Fún ẹni tó ń kó ẹ̀rọ láti Ṣáínà, ìṣirò rẹ̀ rọrùn jù. Àdéhùn kò sí láàárín Nàìjíríà àti Ṣáínà lórí ìdájọ́ kóòtù, ẹni tó ta ẹ̀rọ kì í sábà ní dúkìá níhìn-ín, Ṣáínà sì wà nínú Àdéhùn Niu Yọ́ọ̀kì. Onílàjà ni, kí wọ́n sì dárúkọ ilé ìgbẹ́jọ́, nítorí òfin Ṣáínà ti pẹ́ tí kì í fẹ́ gba onílàjà tí kò sí lábẹ́ ilé kankan.

Ọ̀nà tí abala yìí ń gbà bàjẹ́ jù ni ìlọ́pọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń kọ pé ìjà "lè" lọ sí ọ̀dọ̀ onílàjà, ẹjọ́ á sì kọ́kọ́ di ti bóyá ó jẹ́ dandan. Àwọn kan ń kọ pé onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù ni, kí wọ́n tó kọ ọ́ ní ìlà kejì pé ilé-ẹjọ́ Èkó nìkan ló ní àṣẹ. Àwọn mìíràn ń dárúkọ ilé ìgbẹ́jọ́ tí kò sí láyé, nítorí pé wọ́n da orúkọ méjì pọ̀. Olùjẹ́jọ́ tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè yóò fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fa ẹjọ́ fún ọdún púpọ̀. Abala tó dára kì í gùn. Fún kòkó Àkúrẹ́, kó sọ pé gbogbo ìjà tó bá jáde látinú àdéhùn yìí ni onílàjà yóò dá lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, lábẹ́ ìlànà ilé ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ilé náà. Pé ibùjókòó ni Lọ́ńdọ̀nù. Pé onílàjà jẹ́ ẹnì kan. Pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò lò. Àti pé òfin ìlú báyìí ló ń darí àdéhùn. Bó bá jẹ́ kóòtù ni wọ́n yàn, kí wọ́n kọ orúkọ kóòtù náà, kí wọ́n sọ pé òun nìkan ni, kí olùrà sì kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n lè fi ìwé ìpè sí ní ìlú yẹn.

Gbogbo èyí jẹ́ ohun tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn tí ìjà bá ti dé, yóò ṣòro kí ẹni tó jẹ gbèsè tó fara mọ́ kí wọ́n tún abala náà kọ.